Òdiwọ̀n iye owó tí a kì í bá: ṣé ká dẹ̀ ẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣẹ́ẹ̀tì là ń rán. Mítà 1.8 aṣọ àti ìṣẹ́jú 27 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n ẹyọ kan, oṣooṣù la sì ń kọjá a. Àwọn aránṣọ ò tiẹ̀ wo ìwé òdiwọ̀n náà mọ́. Ṣé kí n dẹ̀ ẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni mítà 1.8 yẹn, kò ka ègé tó ń bọ́ lẹ́nu àlùmọ́gàjí. Òdiwọ̀n aláìlábùkù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ rán 1,000, ẹ lo mítà 2,030. Ìwé yín á ní ẹ fi 230 kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́wàá aṣọ tó bá dé orí tábìlì bá máa ń di ègé, 200 nínú rẹ̀ ti dájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mítà 30 tó kù ló yẹ kí ẹ béèrè, òun gan-an ló sì sá pamọ́ sínú 230.

Fún òdiwọ̀n tí ọwọ́ lè tó, ẹ fi 0.9 pín 1.8, ó di mítà 2. Ẹ má fi ìdá mẹ́wàá 1.8 kún un: 1.98 nìyẹn máa fún yín, nítorí aṣọ orí tábìlì la fi ń wọn ègé, kì í ṣe èyí tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé aṣọ sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó gé e, kí ẹ tún wọn ègé lẹ́yìn náà, bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ má bi agéṣọ. Á bù sí i, èmi náà á bù sí i. Aṣọ tí wọ́n ṣì gé ò sí nínú ìṣirò yìí.

Ìbéèrè: Àkókò iṣẹ́ ńkọ́, àti owó ilé, iná, owó oṣù alábòójútó?

Ìdáhùn: Bí ìṣẹ́jú 48 nínú 480 ojúmọ́ bá ń lọ sí pípààrọ̀ òwú, nínu ẹ̀rọ àti ìsinmi, 27 di 30. Ní ti ìnáwó gbogboogbò, ká ní ó jẹ́ 14,400 lóṣù, tí èèyàn mẹ́wàá sì ń ṣe wákàtí 1,600: 9 ni wákàtí kan máa gbé. Ṣẹ́ẹ̀tì 3,200, ní ìṣẹ́jú 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 27, wákàtí 1,440 péré ni 3,200 yẹn máa kà, 12,960 ló sì máa gbé. Owó 1,440 á wà nílẹ̀ láìrí ẹni gbé e, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni mo máa fi mọ̀ bí mo bá ti dẹ̀ ẹ́ jù?

Ìdáhùn: Gbogbo èèyàn á máa jèrè lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Lórí èyí tó dáa, ẹ máa jèrè lóṣù kan, ẹ sì máa kọjá a lóṣù mìíràn. Ẹ lè tọ́jú 1.8 fún ìgbà tí ẹ bá ń wá ọ̀nà tuntun láti tẹ́ pátánì, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣírò iye ọjà tó wà nílẹ̀: bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an ni IAS 2, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, ní kí òdiwọ̀n bá mu.