Màmá Ti Hiúsítìnì Dé: Bí A Ṣe Ń Dá Aago Ara Padà Sílé

Jẹ́ẹ̀tì-láàgì ni wọ́n ń pe ìdààmú oorun tó ń bá ẹni tó wọ bàálù lọ síbi tí aago wọn yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé tó ní jẹ́ẹ̀tì-láàgì ń bá òun jà, àárẹ̀ ọ̀nà lásán ló ń ṣe é. Láti òpin oṣù kẹta títí di òpin oṣù kẹwàá, iye tí aago wa ń lù ni tiwọn náà ń lù. Bí òtútù bá dé, wákàtí kan péré la fi ṣíwájú wọn. Kó wẹ̀, kó jẹun, kó sùn mọ́jú, ó tán.

Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ wà. Hiúsítìnì, tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun, wákàtí 6 la fi ṣíwájú wọn nígbà ooru wọn. Ó ń di 7 nígbà òtútù, nítorí àwọn a máa yí aago wọn, àwa kì í yí tiwa. Ìrìn àbọ̀ ni ìwé yìí máa gbájú mọ́, nítorí òun ló le ju àlọ lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ̀ràn ojú pópó ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Màmá tèmi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìkirè ló ń gbé, adìyẹ léyà ló ń sìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti lọ bẹ́ẹ̀.

Aago tó wà nínú ara

Gbogbo wa la mọ patanmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á pa ewé dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á là á. Lọ́dún 1729, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé kan tó ń jẹ́ de Mairan gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó rí i pé ewé náà ṣì ń là lásìkò ọ̀sán, ó sì ń padé lásìkò alẹ́, láìrí oòrùn rárá. Aago ń bẹ nínú rẹ̀.

Ó wà nínú tiwa náà. Inú ọpọlọ ló wà, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti tòsì ti ré ara wọn kọjá. Òun ló ń sọ ìgbà tí oorun yóò kun ni, ìgbà tí ara yóò tutù, àti ìgbà tí ebi yóò pa ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ a máa gùn ju wákàtí 24 lọ díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí lílọ sí ìwọ̀-oòrùn fi rọrùn díẹ̀: ká pẹ́ sùn ni wọ́n ń bẹ ara. Nígbà tí a bá ń bọ̀ wálé, ká sùn kí oorun tó dé ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ara kì í sì í fẹ́ gbọ́. Bí a bá lọ, aago náà lè sún tó wákàtí kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Bí a bá ń bọ̀, bí wákàtí kan ni. Fún wákàtí 6, kí ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 6.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń darí aago yìí ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó ń sin léyà kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ó mọ ìdí tí a fi ń tan iná sí ilé adìyẹ kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kan lè tó wákàtí 16, kí wọ́n má baà dáwọ́ ẹyin dúró.

Oòrùn àárọ̀ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé bí o bá ti dé, kí o tètè jáde síta láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn lù ọ́. Ìmọ̀ràn yìí kò dára fún ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé. Ohun tó fà á nìyí.

Láàárín òru, ó ní ìgbà kan tí ara máa ń tutù jù lọ. Ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 2 sí 3 ṣáájú ìgbà tí èèyàn máa ń jí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdí òru. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá ojú kí ìdí òru tó dé, ṣe ló ń ti aago ara sẹ́yìn: oorun ọjọ́ kejì á tún pẹ́ sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bá a lẹ́yìn ìdí òru ló ń fà á síwájú. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni o, àsìkò rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní Hiúsítìnì, aago 10 alẹ́ ni Màmá ń sùn, aago 6 àárọ̀ ló ń jí. Ìdí òru rẹ̀ á wà ní nǹkan bí aago 4. Aago 4 ní Hiúsítìnì, aago 10 àárọ̀ ni ní Ìkirè. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó dé, oòrùn tó bá rí ṣáájú aago 10 ń dá a padà sí Amẹ́ríkà ni. Èyí tó bá rí láti aago 10 sí ọ̀sán ló ń gbé e bọ̀ wálé.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. Ó dé, ó ń jí aago 6 tipátipá, ó ń gbálẹ̀ àgbàlá, ó kọjú sí ìlà-oòrùn pé oòrùn àárọ̀ ń ṣe ara lóore. Ọjọ́ kẹwàá, ó ṣì ń dín ẹyin láago 3 òru. Lóru ọjọ́ kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì wọ ilé adìyẹ, ó ní òun kúkú ti jí. Igba adìyẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé àdá jáde, ó rò pé olè ni.

Bó ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì

Oṣù keje ló padà dé, ọjọ́ Túsìdeè. Nínú bàálù, bí ilẹ̀ ti ń mọ́ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ àárọ̀ kiri, tí oníkálukú ń ṣí fèrèsé, Màmá fi awò dúdú sójú, ó tún fi ìborùn bo orí. Kò bọ́ wọn títí aago wa fi lu 10. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà láago 11, ó bọ́ awò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀, kò sì sùn títí wọ́n fi dé Ìkirè. Ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà. Kò dí nǹkan kan lọ́wọ́: ìta tí ìkùukùu bò ṣì mọ́lẹ̀ ju pálọ̀ tí a tan iná sí lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọwọ́ wákàtí kan. Awò dúdú tàbí inú yàrá títí di aago 9, lẹ́yìn náà ìta fún wákàtí 2 sí 3. Ọjọ́ kẹta, aago 8. Ọjọ́ kẹrin, aago 7. Láti ọjọ́ karùn-ún, kò sí ìdí láti sá fún oòrùn mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ló ń fún adìyẹ lóúnjẹ àárọ̀ láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, Màmá sì ń kùn pé wọ́n ti sọ òun di àlejò nílé òun.

Ẹ má jẹ́ kí òru àkọ́kọ́ tàn yín. Ẹni tí kò sùn dáadáa nínú bàálù yóò sùn bí òkú lọ́jọ́ tó bá dé, á ní òun ti borí. Òru kejì ni wàhálà. Àárẹ̀ ti lọ, aago ara kò tíì dé. Màmá dùbúlẹ̀ láago 10 alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rò pé aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni. Ó ń gbọ́ gbogbo ajá àdúgbò títí aago 2 fi kọjá. Ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe: kò tan iná, kò gbé fóònù, ó kàn sinmi nínú òkùnkùn. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, aago 8 la jí i, bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn ti pàdánù ìmọ́lẹ̀ tó wúlò jù. Bí ojú bá ń kun lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó, kó sì jẹ́ ṣáájú aago 3.

Ẹnu àti ikùn

Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ní aago kékeré tiwọn, àsìkò oúnjẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé jù. Màmá ń mu ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kó tó jáde, yálà ebi ń pa á tàbí kò pa á. Kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ kọjá aago 7. Ebi aago 1 sí 2 òru máa ń le, nítorí àsìkò oúnjẹ alẹ́ Hiúsítìnì ni. Omi ni kí ẹ mu. Bí ẹ bá gbé àmàlà kalẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ ti sọ fún ìfun pé a ò tíì kúrò lọ́hùn-ún nìyẹn.

Kọfí dára láàárọ̀, ó ń léni lójú oorun. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, lẹ́yìn wákàtí 5 sì rèé, bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà tó ń kí àbọ̀ yóò gbé obì wá nírọ̀lẹ́. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ fi pamọ́ di àárọ̀.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹlatonínì. Ohun tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń tú jáde bí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ṣe sínú hóró. Láàárín ìdajì mìlígíráàmù sí 5 ni wọ́n ń lò. Hóró kékeré tó, ní àsìkò oorun ilé, fún òru mélòó kan péré. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án láìbi dókítà. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì pẹ̀lú, kí dókítà tún àsìkò abẹ́rẹ́ náà tò fún un kó tó wọ bàálù.

Bí a bá ń lọ

Lílọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé Hiúsítìnì, ẹ wà níta nírọ̀lẹ́ títí oòrùn fi wọ̀, èyí tó máa ń kọjá aago 8 ní oṣù keje, kí ẹ sì gbìyànjú kí ẹ má sùn ṣáájú aago 9. Ẹ ó jí láago 2 tàbí 3 òru. Ẹ dúró nínú òkùnkùn, nítorí ilé ni ìmọ́lẹ̀ àsìkò yẹn ń fa aago yín padà sí. Ẹni tí kò ní lò ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ, kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu: kó máa fi aago ilé sùn bó bá ti lè ṣe é tó.

Ohun tí kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì-láàgì

Fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ má wa ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, ẹ má fín oògùn apakòkòrò, ẹ má gbé àdá tàbí ẹ̀rọ agégi. Oorun tó ń kunni láago 10 àárọ̀ nígbà náà, oorun aago 4 òru ni, kì í tọrọ ààyè.

Jẹ́ẹ̀tì-láàgì lè mú orí fífọ́, inú kíkún tàbí ìgbàgbé wá. Kì í mú ibà wá. Ẹni tó ti lo oṣù púpọ̀ níbi tí kò sí ẹ̀fọn ibà, agbára tí ara rẹ̀ ní láti bá ibà jà lè ti dín kù. Bí ara bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó dé, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dunni ní ẹ̀yìn ojúgun, tàbí bí èémí bá ṣòro, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan látorí ìjókòó gígùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.