Ẹ Má Kọ AA sí Ẹni Tí A Kò Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò

Ọmọ kan ládùúgbò wa tí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde pa ló fa ìwé pélébé yìí. Kí bàbá àti ìyá rẹ̀ tó fẹ́ra, ẹbí ti ya àwòrán ìdílé méjèèjì. Àṣìṣe ibẹ̀ ni èyí tí mò ń rí lójoojúmọ́: gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n kọ AA sí.

Ẹni tó bá jẹ́ SS, tó ní àrùn yìí, ẹ kun àmì tí ẹ yà fún un nínú àwòrán tán. Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé AS ni, ẹ kun ìdajì. Ẹni tí a kò tíì yẹ̀ wò, àmì ìbéèrè ni tirẹ̀, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ pé ó ń kọ igba ebè lóòjọ́. AS kì í dáni dúbúlẹ̀, ara líle kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára AA.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́ SS ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. S méjì ló wà lára rẹ̀: bàbá fún un ní ọ̀kan, ìyá fún un ní ọ̀kan. Bí àwọn òbí náà kò bá ṣàìsàn rí, AS ni kí ẹ kọ sí àwọn méjèèjì, bí a kò tilẹ̀ tíì yẹ̀ wọ́n wò, nítorí ọmọ ti fi hàn.

Ẹ wo ìdílé kan báyìí. Tọkọtaya AS bí ọmọ mẹ́ta, èkejì jẹ́ SS. Àkọ́bí wọn, obìnrin, ara rẹ̀ le, ó sì fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n wí. Èkejì ti gbà á, àwọn yòókù ti bọ́." Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà: AA, AS, AS, SS. Àkọ́bí kì í ṣe SS, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ó ku mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ AS. Nítorí náà, 2 nínú 3 ni ìrètí pé ó gbé S lára, kì í ṣe ìdajì bí ọ̀pọ̀ ti ń wí. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá jẹ́ AS, 2 nínú 3 lọ́nà 1 nínú 4 jẹ́ 1 nínú 6: ìyẹn ni ewu SS lórí oyún kọ̀ọ̀kan kí àyẹ̀wò tó dé. Bí àyẹ̀wò bá ní AS ni òun náà, ó di 1 nínú 4. Bí ó bá ní AA ni, kò sí SS mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwọn ọmọ tó ti kú sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pè wọ́n ní àbíkú, wọn kì í sì í kà wọ́n mọ́. Ẹ béèrè iye tí ìyá bí, kì í ṣe iye tó wà láàyè. Ẹ tún béèrè bóyá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ náà máa ń wú, bóyá eegun máa ń dùn ún, bóyá ẹyinjú rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú. Àmì ìbéèrè ni ẹ ó fi sí òun náà, ṣùgbọ́n ẹ ya á.

Yàtọ̀ sí S, irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní C náà wà láàárín wa. AC àti AS lè bí SC, àìsàn sì ni. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kí ó dúró tó oṣù 4 kó tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè yí èsì padà.