Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ẹ jókòó tì í: àṣìṣe tó ń jẹ́ kí olè tó gba láìnì yín ráyè kó owó yín

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù yẹn. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò gbé. Màmá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pa fóònù, wọ́n tàn án, wọ́n yọ síìmù, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n dá a padà. Kò gbé síbẹ̀, wọ́n bá palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n lọ sílé. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, ₦200,000 ti jáde nínú àkáǹtì wọn.

Olè kò fọwọ́ kan fóònù wọn rárá. Wẹ́kọ́ọ̀mù-bákì ló lọ ṣe: ó sọ pé òun ló ni nọ́ńbà náà, pé síìmù òun sọnù, wọ́n sì gbé nọ́ńbà náà sórí síìmù tuntun fún un. Nọ́ńbà kan kì í ṣiṣẹ́ lórí síìmù méjì bẹ́ẹ̀, nítorí náà, bí ti ọwọ́ olè ṣe gbé ni ti Màmá kú. Láti ìgbà yẹn, gbogbo kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tó ni àkáǹtì ló ń lò ó, ọ̀dọ̀ olè ló ń lọ.

Báńkì Àpapọ̀ ti fi ìwọ̀n sí owó tí èèyàn lè fi kóòdù oníràwọ̀ rán jáde: ₦100,000 lóòjọ́. Olè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí báńkì tẹ̀ fún wa, owó àkọ́kọ́ jáde ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru. Èkejì jáde ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti aago mẹ́rin: ó lé ní wákàtí méje tí à bá fi ti ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìdúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló burú jù nínú gbogbo àṣìṣe tí a ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé ti àdúgbò ló lọ, ti aládùúgbò yín tó ń lo ilé iṣẹ́ kan náà kò ní gbé. Ẹ wò ó lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yá fóònù, kí ẹ pe nọ́ńbà ara yín. Bó bá ń dún létí yín tí fóònù ọwọ́ yín kò sì mì, ẹlòmíràn ti wà lórí láìnì yín. Bí wọ́n bá ní ó wà ní pípa, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀, nítorí olè lè pa á títí di òru. Bí ti aládùúgbò bá ń gbé tí tiyín kò gbé fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbà pé wọ́n ti gbà á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ibẹ̀ ni Màmá gbà lọ láàárọ̀ Sátidé. Orí ìlà ni mo bá wọn, wọ́n ti tò fún wákàtí méjì, àkáǹtì ṣì wà ní ṣíṣí. Mo gba káàdì báńkì wọn, mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ látorí fóònù tèmi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ti gbogbo rẹ̀ pa. Báńkì kò nílò kí láìnì yín padà wá kó tó ti àkáǹtì. Orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti ìdáhùn sí ìbéèrè wọn tó. Ẹ sọ ọ́ ní tààrà: "Wọ́n ti pààrọ̀ síìmù mi. Ẹ ti àkáǹtì, káàdì, áàpù àti kóòdù mi pa. Ẹ kàn sí báńkì tí owó náà lọ kí wọ́n dá a dúró." Kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé fún wọn bí wọ́n bá ti ṣí.

Nínú ₦200,000, ₦41,000 péré ni wọ́n bá nínú àkáǹtì tó gbà á. Ìyókù ti di owó ọwọ́ ní ìdí POS.

Lẹ́yìn báńkì ló kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi láìnì ẹlòmíràn tó wà ní ilé iṣẹ́ kan náà pe 300, kí wọ́n dí nọ́ńbà yín, lẹ́yìn náà kí ẹ fẹsẹ̀ yín lọ pẹ̀lú NIN. Bí báńkì bá ń fi yín ṣeré, Báńkì Àpapọ̀ ń gba ẹ̀sùn lórí cpd@cbn.gov.ng. Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ pe 622.

Bí olè ṣe rí ohun tó fi jọ Màmá

Èyí dùn mí jù, nítorí ọwọ́ wa la fi fún un. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ẹnì kan pè wọ́n, ó ní láìnì wọn fẹ́ kú nítorí NIN. Wọ́n ka NIN fún un, wọ́n sọ ọjọ́ ìbí, wọ́n tún ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì báńkì. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ fíláàṣì wọn, wọ́n sì pè wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí oníṣòwò kì í fẹ́ pàdánù oníbàárà. Káàdì ìpè ₦100 kan tún wọlé láìmọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Inú wọn dùn sí i.

Níbi wẹ́kọ́ọ̀mù-bákì, wọ́n máa ń béèrè àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń pè àti iye káàdì tí ẹ fi sí i kẹ́yìn. Olè ti fúnra rẹ̀ ṣe ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀. Bí fíláàṣì àjèjì àti káàdì ọ̀fẹ́ bá tẹ̀léra, ẹ má pe ẹnikẹ́ni padà, kí ẹ sì pe báńkì lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà tí Màmá tẹ̀ sára nálọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di aṣọ fún oníbàárà náà ni nọ́ńbà fóònù tó so mọ́ BVN wọn. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. A ti gba síìmù mìíràn báyìí, a lọ sí báńkì láti fi í rọ́pò, a kò sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yẹn.

Àwọn kan ní àwọn ti fi PIN sí síìmù. Ó dára bí wọ́n bá jí fóònù, olè kò ní lè yọ síìmù sínú fóònù tirẹ̀ kó lò ó. Kò dí wẹ́kọ́ọ̀mù-bákì lọ́wọ́, nítorí síìmù tuntun kò ní PIN yín lára.

Láìnì padà dé, ẹ kò tíì parí

Ní ọjọ́ Ajé tí láìnì padà, a rò pé ó tán. Ní ọ̀sán, oníbàárà kan láti Ẹdẹ pè, ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí Màmá fi rán òun lórí WhatsApp pé kí òun yá wọn ní ₦50,000. Olè ti fi láìnì náà ṣí WhatsApp nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ímeèlì náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti gba kóòdù lè ti yí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wọ ímeèlì lọ́jọ́ tí láìnì bá padà, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ lé gbogbo fóònù tí ẹ kò mọ̀ jáde.

Fún WhatsApp, ẹ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Bí ẹ bá ti tẹ kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà tó wá sórí láìnì yín, olè ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà kò ní lè wọlé fún ọjọ́ méje. Bó ṣe rí fún wa nìyẹn. Mo kọ ọ́ sórí páálí gbàǹgbà pé WhatsApp Màmá kọ́ ló ń tọrọ owó, mo lẹ̀ ẹ́ sí iwájú ìsọ̀. Màmá fi láìnì kejì pe oníbàárà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ méje fi pé, tí a sì fi PIN tiwa sí i.