Bí A Ṣe Ń Wá Ìwọ̀n Eré Tí Ara Lè Gbé Fún Wákàtí Kan

Tí èèyàn bá ń sáré ní ìwọ̀n kan náà, tí kò yára sí i, tí kò sì dẹwọ́, ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú kẹwàá lè ti kọjá 150 kí ó tó di ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní eré náà ti le jù nìyẹn, wọ́n á sì dẹwọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fà á: ó lè jẹ́ pé ooru àti òógùn ló ń da ọkàn láàmú, ó sì lè jẹ́ pé láktéètì, ohun tí iṣan ń mú jáde nígbà tó bá ń fọ́ ṣúgà fún agbára, ń kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí.

Ẹni tí àyà máa ń dùn tàbí tí òòyì máa ń kọ́ nígbà tó bá ṣiṣẹ́ agbára, kó rí dókítà ná. Àwọn òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára. Ẹni tó bá ń lò wọ́n kò lè fi iye ìlù ọkàn ṣe òdiwọ̀n. Ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìlù ọkàn yín nígbà tí ara bá sinmi. Láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ kà á fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ká ní ti ẹnì kan jẹ́ 60. Tí ọkàn bá ń tú 80 mílílítà ẹ̀jẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, lítà 4.8 ló ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú kan. Lítà ẹ̀jẹ̀ kan tó ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ń gbé nǹkan bí 200 mílílítà ọ́síjìn. Nígbà ìsinmi, ara kì í gbà ju nǹkan bí 50 lọ nínú rẹ̀. Ìyókù á bá ẹ̀jẹ̀ padà. Ìyẹn ni pé 240 mílílítà ọ́síjìn péré ni ara ń lò ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fo èyí. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gba ìṣẹ́jú bíi méjì sí mẹ́ta kí lílo ọ́síjìn tó bá ohun tí iṣan ń béèrè. Láàárín àkókò yẹn, iṣan máa ń fọ́ ṣúgà láti fi dí àlàfo náà, láktéètì á sì gòkè díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ eré tó rọrùn. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ á ṣi ẹjọ́ dá.

Wàyí o, ẹ mú ìwọ̀n eré kan, kí ẹ má sì yí i padà fún 50 ìṣẹ́jú. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ló dára, tàbí ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀. Ẹ ka ìlù ọkàn ní ìṣẹ́jú 10, 20, 30, 40 àti 50, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni wa. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 140, ó sì ń tú 110 mílílítà jáde lẹ́ẹ̀kan: lítà 15.4 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú 200 mílílítà ọ́síjìn tó wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ara ń gba nǹkan bí 130 báyìí, nítorí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ gbóná, ohun kíkan inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Ọ́síjìn tó ń lò jẹ́ nǹkan bí 2,000 mílílítà. Ẹ wò ó: ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń gbé jáde fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí ara ń lò ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. Ọkàn nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ìṣẹ́jú àádọ́ta, ìlù ọkàn ti di 154, ṣùgbọ́n 100 mílílítà ló kù tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: lítà 15.4 náà ni. Òógùn ti fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara sì ti darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ kí ooru lè jáde, nítorí náà èyí tó ń padà sínú ọkàn dín kù. Yíyára ọkàn fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó ráyè kún dáadáa. Ẹ tún eré kan náà sá ní ọjọ́ mìíràn, nígbà tí atẹ́gùn tútù, kí ẹ sì máa mu omi. Tí ìlù ọkàn kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ooru àti omi ló fa ti àkọ́kọ́.

Ti láktéètì ni ká yẹ̀ wò báyìí. Ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é ní ìdọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣan ń ṣe é kódà nígbà tí ọ́síjìn wà. Àwọn fọ́nrán iṣan mìíràn àti ọkàn fúnra rẹ̀ ń sun ún fún agbára, ẹ̀dọ̀ sì ń sọ ọ́ padà di ṣúgà. Ohun tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Nígbà ìsinmi, ó máa ń wà ní nǹkan bíi mílímólù 1 nínú lítà kan. Tó bá gòkè dé 3 tó sì dúró síbẹ̀, kò séwu. Kó máa gòkè láìdúró ni ìṣòro.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n á gún etí ìka ní ìṣẹ́jú 10 àti 30. Ẹ nu òógùn kúrò dáadáa kí ẹ tó gún un, nítorí láktéètì pọ̀ nínú òógùn, á sì ba èsì jẹ́. Ẹ nu ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ náà dànù. Tí iye kejì kò bá fi ju mílímólù 1 lọ lórí ti àkọ́kọ́, ara ń lò ó bó ṣe ń dé. Ká ní ẹni wa rí 2.6, tó wá rí 2.9: ó gbé e. Ní ọjọ́ mìíràn ó yára díẹ̀ sí i, ó rí 3.8, lẹ́yìn náà 5.6: kò gbé e. Àárín eré méjèèjì ni òpin rẹ̀ wà.

Láìsí ẹ̀rọ, ẹ mú gbólóhùn gígùn kan, ẹ máa sọ ọ́ sókè ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí láktéètì bá ń kóra jọ, ohun kíkan ń bá a rìn, ara á sì máa mí kíkankíkan láti lé e jáde nípasẹ̀ afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta. Gbólóhùn tí ẹ sọ tán pẹ̀lú èémí kan ní ìṣẹ́jú kẹwàá á já sí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Ẹ dín eré náà kù. Ṣùgbọ́n tí ìlù ọkàn bá gòkè, tí gbólóhùn náà sì ń jáde geere, omi àti ooru ni kí ẹ wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ má dúró gbagidi tí ẹ bá parí. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tí ẹ bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á kóra jọ sí ẹsẹ̀, òòyì sì lè kọ́ yín. Ẹ rìn tàbí kí ẹ sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣan náà á máa sun láktéètì tó kù. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí iye ìsinmi. Ìrora tó bá sì yọjú ní ọjọ́ kejì kì í ṣe tirẹ̀. Ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ inú fọ́nrán iṣan ló ń fà á.