Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wá Ọmọ Ìtajà Tí Ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé

Ìwé tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kì í ju ìlà méjì lọ: "A ń wá ọmọbìnrin tó rẹwà, olóòótọ́, tí ara rẹ̀ yá gágá. Owó oṣù dára. Ẹ wọlé wá bèèrè." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ti sọ irú ẹni tí òun ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí aláìṣeégbẹ́kẹ̀lé lè kà, kí ó sì sọ pé iṣẹ́ yìí kò bá òun mu. Kò sí olè tí kì í pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́. Ní ti ẹwà, n kò tíì rí ibi tí ó ti bá ẹnikẹ́ni ṣírò owó ìparí ọjọ́.

Iṣẹ́ ni ó yẹ kí ìpolówó ṣàlàyé, kì í ṣe ìwà. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ń ta oúnjẹ inú agolo àti ọṣẹ ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ìpolówó tí ó wúlò fún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí:

"A ń wá ẹni tí yóò máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ inú agolo àti ọṣẹ ní Bódìjà. Iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀, ó ń parí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Owó oṣù jẹ́ ₦75,000. Ẹni náà yóò máa gba owó, yóò máa gbé páálí ọjà, yóò sì máa ka owó pẹ̀lú ọ̀gá kí a tó ti ilẹ̀kùn. A ó pe ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí. Kọ orúkọ rẹ, àdúgbò tí o ń gbé àti iṣẹ́ tí o ti ṣe rí ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀tsáàpù kí ọjọ́ Ẹtì tó parí."

Gbólóhùn tí ó sọ pé a ó máa ka owó lójoojúmọ́, àti èyí tí ó sọ pé a ó pe ọ̀gá àtijọ́, máa ń lé àwọn kan lọ kí wọ́n tó dé rárá. Ìtọ́ni tí ó wà ní ìparí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tí a sọ fún pé kí ó kọ nǹkan mẹ́ta, tí ó wá kọ "Ẹ ǹlẹ́, mo fẹ́ iṣẹ́ náà" nìkan, ti fi hàn wá bí yóò ṣe máa ka iye tí a kọ sára ọjà.

Àwọn kan kì í kọ iye owó oṣù nítorí wọ́n fẹ́ dúnàá dúrà. Lóòótọ́, òfin owó oṣù tí ó kéré jù, èyí tí ó di ₦70,000 ní 2024, kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye náà pa mọ́, àwọn tí kò lè gbà á yóò wá, a ó fi ọjọ́ púpọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò sì padà lọ. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí yóò gbà á nítorí àìní, tí yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀nà ìrìn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń bèèrè pé, "Ṣé o lè máa tètè dé?" Ta ni yóò sọ pé òun kò lè ṣe é? Kí a bèèrè dípò rẹ̀ pé, "Láti ibo ni wàá ti máa wá, ọkọ̀ mélòó ni wàá wọ̀, èló sì ni?" Bí ó bá ń ná ₦700 ní àlọ àti ₦700 ní àbọ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ₦36,400 ti bá ọkọ̀ lọ nínú ₦75,000. Ẹni rere ni ó lè jẹ́, àmọ́ ₦38,600 tí ó ṣẹ́kù kò ní jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Kí a sọ ọ́ fún un kedere, kí òun náà rò ó.

Àṣìṣe tí ó tún ń ná ọlọ́jà lówó ni kí ó máa bèèrè ohun tí ẹni náà yóò ṣe, láìbèèrè ohun tí ó ti ṣe rí. "Sọ fún mi nípa ọjọ́ kan tí owó kò pé níbi tí o ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Báwo ni o ṣe mọ̀, ta ni o sì kọ́kọ́ sọ fún?" Ẹni tí ó ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà fún ọdún kan yóò ti rí ọjọ́ tí ṣẹ́ńjì ṣì í lọ́wọ́. Bí ó bá sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí, bóyá kò ka owó rí ni, tàbí kí ó máa fi ohun kan pa mọ́. Èyí tí ó sọ pé ₦2,000 dín, tí ó rántí pé òun tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì sọ fún ọ̀gá kí ilẹ̀ tó ṣú, ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ sí i lẹ́nu rẹ̀. Kí a má ṣe bínú sí ẹni tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí àwọn tí ó tẹ̀ lé e yóò kọ́ láti parọ́.

Kí a tún fi ọjà sí i níwájú. Wàrà alágolo mẹ́ta ní ₦900 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọṣẹ méjì ní ₦650 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bisikíìtì kan ní ₦450. Oníbàárà san ₦10,000. Kí ó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé: ₦4,450 ni ọjà, ₦5,550 ni ṣẹ́ńjì. Kí a wá yí i padà: oníbàárà náà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó ń fi ojú fóònù rẹ̀ hàn án, alẹ́ẹ̀tì kò tíì dé sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́kadà sì ń dúró dè é níta. Àwòrán tí ó wà lójú fóònù oníbàárà kò fi hàn pé owó ti wọlé, nítorí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹni tí ó ní òun yóò gbé ọjà fún un nítorí pé òun rí i lójú fóònù yóò kó wa sí gbèsè. Èyí tí yóò pe oníbàárà ní olè lójú ẹsẹ̀ yóò lé àwọn tí bánkì wọn falẹ̀ lásán lọ. Ẹni tí a ń wá ni ẹni tí yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ díẹ̀, tí yóò dá ọjà náà dúró sẹ́yìn káńtà, tí yóò sì pe ọ̀gá láti yẹ àkáǹtì wò.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń fi gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí wọ́n gbójú lé oníduro, tàbí nítorí wọ́n ti ní in lọ́kàn pé owó tí ó bá dín, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù. Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà kò gba kí a gé owó oṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, tàbí tí ó fi àìbìkítà fà á, ó di kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Oníduro náà ní ààlà tirẹ̀: kí a lọ sí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí a rí i lójú, kí a bèèrè bí ó ṣe mọ ẹni náà, nítorí ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí wọn kò mọ̀ dáadáa. Ọ̀gá àtijọ́ ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe pe nọ́ńbà tí a fún wa nìkan; bí ṣọ́ọ̀bù náà bá wà nítòsí, kí a rìn débẹ̀, kí a bèèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó lọ, kí a wá fi ìbéèrè kan kún un: "Bí ó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ ó tún gbà á?" Bí ó ṣe pẹ́ tó kí ìdáhùn tó jáde wúlò ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ.

Bí a bá ti yan ẹnì kan, kí a fún un ní ọjọ́ mẹ́ta ìdánwò tí a ó sanwó rẹ̀, kí a jọ ka ọjà orí pẹpẹ kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí àwa àti òun sì jọ fọwọ́ sí iye tí a kà.