Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó dá wá láìsí ọ̀rọ̀: àṣìṣe tí ẹ̀yin alálàyé tuntun ń fi owó olówó ṣòfò lé lórí

Iṣẹ́ mi nítòsí Ọjà Ọba, Ìlọrin, ni kí n máa bójú tó ojú ìwé àwọn oníṣòwò lórí Fesibúùkù àti Wásáàpù. Àwọn ìyá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ mọ ọjà tà dáadáa, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ju míìmù sí wọn láìkọ ohunkóhun tẹ̀ lé e, wọn á pe alálàyé. Ìyàwó mi ní èmi nìkan ló mọ̀ tó ń gbowó láti ba ẹ̀fẹ̀ jẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà ń ba ẹ̀fẹ̀ jẹ́, wọ́n tún ń ba ọjà jẹ́ mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Àwọn àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe nìyí:

1. Kí o ka ohun tí ojú rí, kí o pè é ní àlàyé. "Ẹṣin ni, mà. Wọ́n kọ nǹkan sí i lórí." Ìyá náà kò fọ́jú.

2. Kí o rò pé ẹni tó wà nínú àwòrán ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo àwòrán Pawpaw tó kún orí fóònù gbogbo wa. Osita Iheme ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1982, nítorí náà ọmọ nǹkan bí 20 ọdún ni nígbà tí Aki na Ukwa jáde ní 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ló ṣe nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń wá: ara ọmọdé, ojú àgbà tó ti gbọ́n ju ẹni tó ń bá a wí lọ. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń sọ pé "ojú tí mo fi wò ọ́ nìyí." Mo mọ ẹnìkan tó ṣàlàyé rẹ̀ fún àna òyìnbó pé ọmọ aláìgbọràn kan ni wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà. Àna bèèrè bóyá kò sí ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́dọ̀ wa.

3. Kí o fi ti ìlú rẹ túmọ̀ ti ìlú ẹlòmíì. Àgbò méjì kan orí pọ̀, wọ́n kọ "Ofa" sí i. Ọmọ Ìlọrin kan yára sọ pé wọ́n ń bú àwọn ará Ọ̀fà ní oníjà. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" rí mọ̀ pé oríkì wọn ni, àwọn fúnra wọn ló sì ń fi í ṣe fáàrí. Bí ìwọ kò bá mọ oríkì ìlú, fi ẹnu mọ́ ibi tí o mọ̀ ọ́n dé, kí o wá ọmọ ìlú bèèrè.

4. Kí o gbójú lé Google Lens. Yóò fi àwọn ibi tí irú àwòrán náà ti jáde hàn ọ́. Kò mọ ohun tí Ìyá Ṣàkírà fẹ́ fi bá aládùúgbò rẹ̀ sọ.

Èyí tó ń ta mí lára jù wá kù: kí wọ́n mú àwòrán jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé, kí wọ́n wá jókòó máa tú u bí àlá. Àwòrán tó dá wá lórí Wásáàpù, èsì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan kan ti wà lókè rẹ̀.

Àlájà kan tó ń ta léèsì nìyí. Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, oníbàárà rẹ̀ kan ní Èkó fi àwòrán ẹṣin ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fi aṣọ aláràbarà ṣe ẹṣin náà lọ́ṣọ̀ọ́ bí èyí tí wọ́n ń gùn lọ kí Ẹ́míà, àmọ́ ó rù débi pé èèyàn lè ka eegun ìhà rẹ̀. Wọ́n kọ sí i lókè, láìsí àmì ohùn kankan: "Egungun ti jade n'Ilorin." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ojú ìwé Àlájà ní egúngún ni wọ́n kọ, pé wọ́n ń pe àwọn ará Ìlọrin ní abọ̀rìṣà. Àlájà, ọmọ ilé kéwú látilẹ̀, gbaná jẹ. Ọ̀dọ́ wa gba owó, ó ya káàdì kan tó ní "Mùsùlùmí ni wá, a kì í bọ egúngún," ó fi í sórí sítátọ́ọ̀sì, ó tún sanwó fún Fesibúùkù kí ó tàn án ká. Oníbàárà dákẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi àtàǹpàkò yí ọ̀rọ̀ wọn sókè. Ohun tó wà ṣáájú ẹṣin náà ni èyí, láti ọwọ́ Àlájà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rántí owó léèsì tó kù." Mo bèèrè pé ọmọ ibo ni oníbàárà. Wọ́n ní ọmọ Ìlọrin ni, Èkó ló ń gbé. Ó parí.

Ọmọ Ìlọrin kì í gbọ́ ẹṣin àti egúngún pọ̀ kí oríkì ìlú má sọ sí i lọ́kàn: "Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀." Nítorí náà, bí ẹṣin bá ṣọ̀ṣọ́ jáde, egúngún Ìlọrin jáde nìyẹn, ọdún dé. Ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, kò sì ní ìbọ̀rìṣà nínú. Ìkejì wà nínú ìhà ẹṣin: láìsí àmì ohùn, ọ̀rọ̀ yẹn tún lè jẹ́ egungun ara, èyí tó yọ síta nítorí ebi. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì kúrò ni. Bí o bá fi àmì sí i, o ti pa ọ̀kan nínú méjèèjì, ohun tí ọ̀dọ́ wa sì ṣe nìyẹn. Fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè wàyí: "Iléyá ti dé, owó ti tán lára mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ẹ̀bẹ̀ ni obìnrin náà fi ránṣẹ́. Ìwàásù ló gbà padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu: ta ló fi ránṣẹ́, kí ló wà lókè rẹ̀, àsìkò wo ni? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wo àwòrán, kí ẹ wo gbogbo rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gé ìhà ẹṣin yẹn kúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ẹ má kọ àlàyé gígùn bí ìwé ẹ̀sùn. Fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, gbólóhùn mẹ́ta tó: oríkì ìlú pe ẹṣin ní egúngún, ọ̀rọ̀ kan náà lè túmọ̀ sí egungun ara, onígbèsè ló ń bẹ̀bẹ̀. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún un sọ sókè.

Ẹ má sì fi ìwé gígùn dá àwòrán lóhùn. Mo wá àwòrán ẹṣin tó ń jẹ koríko fún Àlájà, a kọ sí i láìsí àmì: "Jeun die, ki egungun le wole." Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí, ó san ìdajì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí Àlájà bá òun mú léèsì aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ de ìgbà tí òun bá wálé. Àlájà ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá Fesibúùkù lè dá owó káàdì yẹn padà.