Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí gbólóhùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò Wáẹ̀kì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdáhùn nọ́ńbà kẹrìnlá?" Ohun tó tẹ̀lé e kò ju èyí lọ:

```
A. was   B. were   C. are   D. have been
```

Gbólóhùn tí àlàfo wà nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó da àwọn ìdáhùn kọ, ó fi ìbéèrè sílẹ̀ nínú ìwé. Nígbà kan rí, irú rẹ̀ dé bá mi, mo sì mú "were" fún ọmọ náà torí pé òun ló máa ń jáde jù nínú ìwé ìdánrawò wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fa igi sí i. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ náà gbà pé "were" ni òfin, ó sì ń lò ó kiri. Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí mò ń gbà nìyí.

Sọ ohun tó kù fún un, má méfò

Mo kọ̀wé padà pé: "Mo rí ìdáhùn mẹ́rin, mi ò rí gbólóhùn. Ya fọ́tò gbogbo ìlà náà, láti lẹ́tà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé àmì ìdúró." Ẹ sọ ọ́ báyìí gan-an, torí tí ẹ bá ní kó fi gbólóhùn ránṣẹ́ lásán, ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ àlàfo ni yóò tẹ̀, ibi tí olùwà wà kò sì ní tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àmọ́ iná lè ti lọ, ìwé sì lè wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí alẹ́ ọjọ́ náà ṣòfò, torí àwọn ìdáhùn fúnra wọn ń sọ̀rọ̀.

Wo ohun tó yàtọ̀ láàárín àwọn ìdáhùn

Ẹ tò wọ́n síwájú ọmọ, kí ẹ bi í pé kí ni ẹni tó ṣe ìbéèrè ń yí padà. Nínú mẹ́rin tó wà lókè, ohun méjì ló ń yí. Èkíní ni iye: "was" ń bá olùwà ẹlẹ́yọ kan lọ, àwọn mẹ́ta yòókù ń bá olùwà ọlọ́pọ̀ lọ. Èkejì ni ìgbà: "was" àti "were" jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, "are" jẹ́ ti ìsinsìnyí, "have been" sì jẹ́ ti ohun tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tó ṣì kan ìsinsìnyí. Nítorí náà, ohun méjì péré la ó máa wá nínú gbólóhùn nígbà tó bá dé: ta ni olùwà, àti ìgbà wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ti ìgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro, torí ọ̀rọ̀ bíi "yesterday" máa ń tú u fó. Ti olùwà ló ń gbé ọmọ ṣubú. Kọ́ńkọ́ọ̀dù ni àwọn tíṣà ń pè é.

Kọ́ ọ ní òfin, kí o sì sọ ìdí tó fi ń ṣòro fún wa

Òfin náà kúrú: ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀lé iye olùwà rẹ̀. Lédè Yorùbá, a ó ní "ọmọ náà wà nílé", a ó sì ní "àwọn ọmọ náà wà nílé". "Wà" kò mira. "Àwọn" ló ti parí iṣẹ́. Ọmọ tó ti ń sọ Yorùbá láti kékeré kò ní ìdí kankan láti máa wo ẹ̀yìn kí ó tó mú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bàbá ẹni nílé, "wọ́n" là ń pè wọ́n. Mo ti rí "My father are at home" nínú ìwé ọmọ tí kò yọ̀lẹ rárá. Ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe bọ̀wọ̀ fún bàbá ẹni. Ẹnì kan ni bàbá, "is" ni yóò gbà.

Fi gbólóhùn méjì tó jọra hàn án

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ ṣe gbólóhùn méjì tí wọ́n ní ọ̀rọ̀-orúkọ kan náà, tí ìdáhùn wọn sì yàtọ̀:

```
The chairman, together with his wives, ____ at the party yesterday.
Neither the chairman nor his wives ____ at the party yesterday.
```

Ìkíní gba "was", ìkejì gba "were". Nínú ìkíní, ní kí ọmọ fi ìka bo ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù ni "The chairman ____ at the party". Àwọn ìyàwó kàn bá a lọ ni, wọn kì í ṣe olùwà. Bákan náà ni "as well as" ṣe ń ṣe. Nínú ìkejì, kò sí ohun tí ìka lè bò, torí "neither" àti "nor" gbé ẹgbẹ́ méjì kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùwà. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ló ń pàṣẹ, "wives" ló sì sún mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọ bá rí i pé ìdáhùn mẹ́rin kan náà lè gba "was" níbí kí ó gba "were" lọ́hùn-ún, yóò mọ ìdí tí ẹ kò fi méfò fún un.

Yí i po, kí o mọ̀ bóyá ó yé e

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé: "Ó ti yé mi mà. Tí a bá ti rí 'together with', ẹlẹ́yọ kan ni." Kò tíì yé e. Ó ti há ọ̀rọ̀ kan sórí dípò òfin. Ẹ fún un ní èyí:

```
The wives, together with the chairman, ____ at the party yesterday.
```

Tó bá kọ "was", ẹ padà sídìí ìka. Bo àárín, kí ló kù? "The wives". "Were" ni. Ẹ ní kó sọ ìdí rẹ̀ jáde lẹ́nu. Ẹni tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà tí kò lè sọ ìdí, oríire lásán ni.

Irú ìbéèrè kan wà tí ọ̀nà yìí kò ràn. Òun ni èyí tó ní kí a tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà nínú gbólóhùn. Tí gbólóhùn bá sọnù níbẹ̀, lẹ́tà A sí D nìkan ló kù, kò sì sí ohun tí ẹ lè rí kà nínú wọn. Ẹ kàn béèrè àkọlé ẹ̀kọ́ tó wà lókè ojú ìwé náà, kí ẹ sì dúró de fọ́tò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò ọmọbìnrin yẹn wọlé:

```
The commissioner, together with his aides, ____ at the meeting last week.
```

Kí n tó tẹ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tẹ̀lé e: "Mo ti bo àárín mà. Commissioner nìkan ló kù, ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì ni. A ni."